Ẹ Fi Orúkọ Àdìrẹ Sílẹ̀ Bó Ṣe Wà

Ìwà kan ti di bárakú fún àwa tí à ń tajà lórí ayélujára, àti àwa tí à ń kọ ìkànnì fún àwọn tó ń tajà. Bí ọjà bá ti fẹ́ dé orí fóònù báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe ni pé ká gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ká wá fi Gẹ̀ẹ́sì kan rọ́pò rẹ̀. Àdìrẹ á di `tie-dye`. Àkàrà á di `bean cake`. Mọ́ínmọ́ín tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òun náà á di `bean cake`. Wọ́n ní kó lè yé òyìnbó ni. Ó dáa, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kò yé òyìnbó, ó sì ń pa àwa fúnra wa lára. Ohun tó tún ń bí wa nínú níbẹ̀ ni pé àwọn ará Èkó ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká fi àdìrẹ bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n fìyà jẹ jù.

Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó á mọ Jánkárà, ọjà tí wọ́n ti ń ta aṣọ ìbílẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àti àgbo láti ọjọ́ pípẹ́. Àdìrẹ tí wọ́n ń tà ní Erékùṣù Èkó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo tàbí ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá dúró níwájú ìsọ̀ aládìrẹ, tí ẹ ò sì kánjú, ẹ ó rí i pé aṣọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Oníko wà, èyí tí wọ́n fi ìko so ní kókó-kókó kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Alábẹ́rẹ́ wà, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán pọ̀ kí aró má bàa ráyè wọ ibi tí okùn bá dì mú. Ẹlẹ́kọ sì wà. Ẹlẹ́kọ yìí gan-an ni gbogbo ìjà wa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á po láfún mọ́ omi, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, wọ́n á sè é títí á fi ki bí ẹ̀kọ, wọ́n á wá sẹ́ ẹ kó má ní kóró kankan. Wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Aládìrẹ á mú ìyẹ́ adìẹ, á máa fi í ti ẹ̀kọ náà bọ́, á sì máa fà á lára aṣọ: ẹyẹ, ejò, ewé, onírúurú ilà, láìṣe pé ó kọ́kọ́ ya nǹkan kan sílẹ̀ tó ń wò. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n tún máa ń gé páànù ní bátànì, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ pa á lórí. Bí ẹ̀kọ bá ti gbẹ nínú oòrùn, ó di inú ìkòkò aró tí wọ́n fi èlú àti omi eérú ṣe. Aṣọ náà á wọlé, á jáde. Bó bá kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ewé. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á wá di búlúù. Wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí á fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Nígbà tó bá gbẹ tán ni wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, tí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ á sì yọ.

Ta ló di nǹkan kan nínú gbogbo èyí? Kò sí kókó kankan. Kò sí okùn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni so. Síbẹ̀, ẹ tẹ ẹlẹ́kọ sórí ìkànnì èyíkéyìí tó ń ta aṣọ wa, `tie-dye` ló máa bá yín pàdé.

Àwọn kan máa ń fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà dá wa lóhùn. Wọ́n á ní: ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ni àdìrẹ? A dì í, a rẹ ẹ́. Ṣé kì í ṣe `tie-dye` gan-an nìyẹn? Ẹnu wọn á sì dùn bí ẹni tó borí ẹjọ́. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, torí oníko ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ kọ ara aṣọ, wọn ò lọ wá orúkọ mìíràn. Wọ́n na orúkọ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ títí tó fi gba èyí tuntun, wọ́n sì fi “ẹlẹ́kọ” sí i lẹ́yìn kí ẹni tó ń rà á lè mọ ìyàtọ̀. Lẹ́nu Yorùbá, àdìrẹ ti kúrò ní dídì àti rírẹ nìkan tipẹ́. Gẹ̀ẹ́sì `tie-dye` kò kúrò níbẹ̀ ní tiẹ̀: dídì ṣì ni, rírẹ ṣì ni. Bó bá jẹ́ ibi tí orúkọ ti wá la ó máa fi túmọ̀ orúkọ, ẹ jẹ́ ká tètè sọ fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó pé Ìgà Ìdúngànrán ti di Ààfin Oko Ata. Ẹ jẹ́ ká tún sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n yéé pe ìlú wa ní `Lagos`, kí wọ́n máa pè é ní Adágún, torí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ lẹ́nu àwọn Potogí tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Kí ni ó wá burú níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí.

Ọjà kan wá sọ́wọ́ wa, ìkànnì tí wọ́n fẹ́ fi ta aṣọ àwọn oníṣòwò Erékùṣù fún àwọn tó wà lókè òkun. Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà wá ti ya tábìlì dátábéèsì wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó pè wá, wọ́n sì ti ní ká má fọwọ́ kàn án. Orúkọ ọjà ní Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, `name_en`. Kò gbọdọ̀ ṣófo, ọjà méjì ò sì gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà. Ààyè fún orúkọ Yorùbá kò sí rárá. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà láti máa kó ọjà sínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àdìrẹ oníko wọlé gẹ́gẹ́ bí `tie-dye fabric`. Ó kan ẹlẹ́kọ, wọ́n tún tẹ `tie-dye fabric`, dátábéèsì sì pariwo:

```
ERROR: duplicate key value violates unique constraint "products_name_en_key"
```

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ. Ó ní méjì yìí kò lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀rọ mọ̀! Èèyàn ni kò gbà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tẹ `tie-dye fabric 2`. Lẹ́yìn náà `tie-dye fabric blue`, bí ẹni pé aró máa ń pupa. Lẹ́yìn náà kàǹpálà dé, èyí tí wọ́n fi àbẹ́là gbígbóná ṣe dípò ẹ̀kọ, tí wọ́n sì pa láró kẹ́míkà ní àwọ̀ oríṣiríṣi: `tie-dye fabric multi`. Ní ìparí, ẹnì kan kó aṣọ tí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ bátànì ẹlẹ́kọ sí wá. Aró ò kàn án rí, ìyẹ́ ò kàn án rí. Kí ni wọ́n pè é? Ẹ ti mọ̀.

Ibẹ̀ ni owó ti wọ ọ̀rọ̀. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ṣí ojú ìwé náà rí aṣọ mẹ́rin, márùn-ún, orúkọ kan náà, àwòrán tó jọra, àmọ́ ọ̀kan wọ́n gan-an ju ìkejì lọ. Kò rí ìdí kankan tó fi yẹ kó ra èyí tó wọ́n. Kì í ṣe pé ó burú. Orúkọ tó yẹ kó sọ fún un pé ọwọ́ èèyàn ló kọ eléyìí, ẹ̀rọ ló tẹ tọ̀hún, ni wọ́n ti pa rẹ́. A gbé fóònù lọ fi ojú ìwé náà han ìyá kan tó ń ta ẹlẹ́kọ ní Jánkárà, ẹni tí aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀. A ní, “Alhájà, ẹ kú ọjà o. Ẹ wo aṣọ yín.” Wọ́n béèrè ohun tí Gẹ̀ẹ́sì náà ń wí, a sì túmọ̀ rẹ̀ padà fún wọn. Wọ́n wo fóònù, wọ́n wo aṣọ tó wà lórí itan wọn. “Ọmọ mi, ta ló di kiní yìí? Ìyẹ́ adìẹ la fi kọ ọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹlẹ́kọ ni.”

Bí a ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ tilẹ̀ wà nínú orúkọ yẹn fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà aró máa ń ráyè gba ẹ̀yìn wọlé díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n kọ kì í fi í funfun báláú. Ó máa ń ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lára, ẹ̀yìn aṣọ sì máa ń ṣú ju ojú rẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti sán kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ẹ ó rí ilà tín-ín-rín tí aró gbà wọlé. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹyẹ méjì kì í rí bákan náà. Ti ẹ̀rọ, bí ẹyẹ kan ṣe rí ni gbogbo wọn rí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè ṣàì gba àwọ̀ rárá. Ẹni tó bá ka “ẹlẹ́kọ” lè béèrè pé kí ni ẹ̀kọ ń ṣe lára aṣọ, ìdáhùn rẹ̀ á sì mú un dé gbogbo ibi tí a sọ yìí. Ẹni tó bá ka `tie-dye` kò ní béèrè nǹkan kan. Ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n: síngílẹ́ẹ̀tì aláràbarà tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń wọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1968.

Wọ́n á tún ní Gẹ̀ẹ́sì ò lè pe orúkọ wa. Irọ́ ńlá. Gẹ̀ẹ́sì kan náà yìí ló ń sọ `batik`, ọ̀rọ̀ àwọn ará Jáfà ní Indonéṣíà, fún aṣọ tí wọ́n fi ìda ṣe. Kò pè é ní “aṣọ ìda”. `Calico` wọn, orúkọ ìlú Kálíkọ́ọ̀tì ní Íńdíà ni wọ́n gé kúrú. Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gan-an kó àwọn ọ̀rọ̀ wa kan wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2020, `buka`, `danfo` àti `tokunbo` wà níbẹ̀. Kí ló fà á? Torí pé àwa tí à ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbí kò yéé pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó jókòó tó ń pe dáńfó ní ọkọ̀ akérò aláwọ̀ ìyeyè. Aṣọ àti oúnjẹ ni ẹnu wa máa ń kọ́, bí àlejò bá ti wọlé.

Oúnjẹ náà nìyí, kí ẹ má bàa rò pé ti aṣọ nìkan la mọ̀. Àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, ni méjèèjì. Ọ̀kan wọ inú òróró gbígbóná, èkejì wọ inú ewé, ó wá lọ jókòó sórí omi tó ń hó. Ẹni tó ra `bean cake` kò mọ èyí tó ń bọ̀ wá bá a. Ìyẹn ṣì kéré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi edé sínú mọ́ínmọ́ín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ka nǹkan mẹ́rìnlá tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà bó bá wà nínú oúnjẹ tí wọ́n ń tà, torí pé ara àwọn kan kì í gbà á, edé àti akàn sì wà lára wọn. `Bean cake` kò sọ ọ̀rọ̀ edé. Ẹni tí edé lè gbé dé ọsibítù á kà á ní Pẹ́kámù, á rí ẹ̀wà, á rí kéèkì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó sọ pé nítorí àlejò lòun ṣe ń túmọ̀ orúkọ, àlejò gan-an ló ń fi sínú ewu. Ohun tí àlejò nílò ni kí a fi Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe kedere ṣàlàyé ohun tó wà nínú oúnjẹ. Orúkọ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ì báà jẹ́ Yorùbá, ì báà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ méjì ni. Ẹ yéé fi wọ́n sí ẹnu iṣẹ́ kan.

Ohun tí a wá jà fún títí wọ́n fi gbà kò le rárá. A ya orúkọ sọ́tọ̀, a ya àlàyé sọ́tọ̀, a sì ya ohun tí àwọn èèyàn lè tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá ọjà sọ́tọ̀:

```json
{
  "name": "àdìrẹ ẹlẹ́kọ",
  "lang": "yo",
  "desc_en": "Cotton, starch-resist, painted by hand, indigo",
  "search": ["adire", "adire eleko", "tie-dye", "batik"]
}
```

Ẹ ó rí i pé a ò lé `tie-dye` jáde. Ẹni tí kò gbọ́ àdìrẹ rí, ohun tó máa tẹ̀ nìyẹn, a ò sì fẹ́ tì í mọ́ta. Kó fi tẹ́lẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, orúkọ ọjà ni kó bá, lẹ́tà ńlá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí àlàyé Gẹ̀ẹ́sì wá wà nísàlẹ̀. Bó bá rà á lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kejì “adire eleko” ló máa tẹ̀. Bí `batik` ṣe dé ẹnu wọn náà nìyẹn.

A ní àwọn ará Èkó ti yanjú èyí tipẹ́. Ẹ lọ sí Pópó Àgùdà, ní àdúgbò Káḿpọ́ọ̀sì, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere tí àwọn Kátólíìkì kì í jẹ ẹran. Fúrẹ́jọ̀n ni wọ́n ń sè. Wọ́n á se ẹ̀wà títí á fi rọ̀ pátápátá, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi àgbọn àti ṣúgà sè é títí á fi ki, wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́. Àwọn kan á wọ́n gàrí sí i. Àwọn Àgùdà, àwọn èèyàn wa tó ti oko ẹrú padà wá láti Bràsíìlì ní nǹkan bí igba ọdún sí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ló gbé e wá. Lẹ́nu àwọn Potogí, `feijão` ni, ohun tó sì túmọ̀ sí kò ju ẹ̀wà lọ. Ẹ̀wà lásán! Kò sí orúkọ tó rọrùn láti túmọ̀ jùyẹn lọ, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ẹ̀wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Síbẹ̀ wọn ò túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó bá ahọ́n wọn mu, wọ́n pè é ní fúrẹ́jọ̀n, torí wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sì mọ̀ pé eléyìí kì í ṣe ẹ̀wà tí àwọn ń jẹ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá pè é ní ẹ̀wà alágbọn, ó ṣeé ṣe kó ti sọnù sáàárín àwọn ẹ̀wà yòókù. Lónìí, àwọn kan ti ń kọ ọ́ sórí ìkànnì ní `coconut bean soup`. Ọ̀rọ̀ tó la òkun kọjá wá láìfara pa, orí fóònù wa ló fẹ́ kú sí.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa ṣe agídí lórí gbogbo ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀wà jẹ́ `beans`, kò sí ìjà níbẹ̀. Iṣu jẹ́ `yam`. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ní nǹkan náà gan-an, ẹ lò ó. Orúkọ Yorùbá nìkan náà kò sì tó nígbà mìíràn, sányán ló sì fi èyí hàn wá jù lọ.

Aṣọ òkè ni sányán. Àwọn kan ń pe aṣọ òkè ní `top cloth`, èyí tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, torí òkè tí àwọn ará Èkó ń sọ ni ilẹ̀ àwọn ará òkè, ibi tí aṣọ náà ti ń bọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àti òkè aṣọ níbẹ̀. Sányán ìgbà àtijọ́, inú ilé tí kòkòrò kan ń kọ́ sára igi nínú igbó ni wọ́n ti ń yọ òwú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí `wild silk` kò parọ́ nípa ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà ní sányán lónìí, òwú lásán tàbí òwú ilé iṣẹ́ ni, tí wọ́n pa láró kó lè ní àwọ̀ yẹn. Ìyá tó ń tà á kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Lẹ́nu ọjà, sányán ti di orúkọ àwọ̀ àti ti irú aṣọ náà. Bí a bá kọ `wild silk`, a ti ta irọ́ fún oníbàárà, ó sì lè dá aṣọ padà, kó gba owó rẹ̀. Bí a bá kọ `brown fabric`, a ti sọ ọ́ di ohunkóhun. Nítorí náà orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì ni sányán, a sì fi ààyè kan kún tábìlì náà, `fibre`, tí kò gbọdọ̀ ṣófo. Kí ẹnikẹ́ni tó lè gbé sányán sórí ìkànnì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó hun ún pé òwú wo ló lò.